Ìlà kan fún èròjà kan: bí ẹ ṣe lè mọ iye tí àwo ìrẹsì kan ń ná yín gan-an

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú adìẹ ni mò ń sè tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Wuse, ilé ní Kubwa ni mo ti ń sè é wá. Mo ya tábìlì kan sórí Google Sheets nínú fóònù mi kí n lè mọ iye tí àwo kan ń ná mi, àmọ́ iye tó ń gbé jáde kéré ju owó tó ń kúrò lọ́wọ́ mi lọ. Mùdù ni mo fi ń ra ìrẹsì, apẹ̀rẹ̀ ni tòmátò, páálí ni adìẹ. Báwo ni kí n ṣe tò ó tí ìṣirò rẹ̀ yóò fi pé?*

Ẹ kú làálàá. Fọ́múlà kọ́ ló sábà máa ń da irú tábìlì yìí rú, òṣùwọ̀n ni. Mùdù, apẹ̀rẹ̀ àti páálí kò lè jókòó sínú òpó kan náà kí ìṣirò ó sì jáde dáadáa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọjà sórí síkéèlì ká tó fọwọ́ kan fóònù.

Àyè ni mùdù ń wọ̀n, kò wọn ìwúwo. Ìdí nìyẹn tí mùdù gàrí kan àti mùdù ìrẹsì kan kì í fi í wúwo bákan náà, gẹ́gẹ́ bí kóńgò wa ṣe rí nílé. Olùtajà kan á fi ìrẹsì ga gègèrè lórí mùdù, èkejì á fi ọwọ́ gé e, ẹ̀kẹta sì lè ní mùdù tí ìdí rẹ̀ ti wọ inú. Ẹ ra mùdù kan lọ́wọ́ olùtajà yín, ẹ dà á sínú ike tí ẹ ti mọ ìwúwo rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọjà méjì mìíràn, kí ẹ mú nọ́ńbà tó wà láàárín. Nọ́ńbà yẹn ni mùdù yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ olùtajà, ẹ wọ̀n ọ́n tuntun, nítorí mùdù ẹlòmíràn kì í ṣe mùdù yín mọ́.

Síkéèlì ilé ìdáná tó ń gbé tó kílò 5 tó fún iṣẹ́ yìí. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò kò ní lè gun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ ro ó pọ̀. Ìwúwo tó bá wà lára páálí adìẹ lẹ lè lò, àmọ́ yìnyín wà nínú ìwúwo yẹn. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìnyín náà.

Ìdí tí èròjà kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ máa ń kọ “ata, tòmátò àti àlùbọ́sà” sórí ìlà kan, kí wọ́n sì kọ owó gbogbo rẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kò sí ohun tó ṣe é. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, owó tòmátò á ti gòkè, ti àlùbọ́sà á ti wálẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó mú kí àpapọ̀ yí padà. Ẹ ò tún ní lè ṣàtúnṣe ẹyọ kan láìtún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, kódà iyọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀.

Bí èròjà kan bá wọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, bí àlùbọ́sà tí ẹ lọ̀ mọ́ ata àti èyí tí ẹ gé sí omi adìẹ, ìlà méjì kò burú. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ kọ owó rẹ̀ síbi méjì pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí àpótí owó ìlà kejì ka ti àkọ́kọ́, bíi `=E12`. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, èkejì á tẹ̀ lé e.

Bí tábìlì náà ṣe máa rí

Ẹ fi ìlà 1 dé 5 sílẹ̀ lókè fún àbájáde, kí ẹ kọ orúkọ àwọn òpó sí ìlà 7, kí èròjà bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 8. Ìdí tí mo fi ní kí àpapọ̀ wà lókè ni pé bó bá wà nísàlẹ̀, èròjà tuntun tí ẹ bá kọ sábẹ́ rẹ̀ lè bọ́ sẹ́yìn ìṣirò láìjẹ́ pé ohunkóhun kìlọ̀ fún yín. Àpẹẹrẹ ìkòkò kan nìyí. Mo mú àwọn owó inú rẹ̀ láti jẹ́ kí ìṣirò rọrùn ni, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn.

| A: Èròjà | B: Òṣùwọ̀n | C: Èyí tó wọ ìkòkò | D: Ìṣẹ́kù | E: Owó tí a rà á | F: Iye tí a rà | G: Owó rẹ̀ nínú ìkòkò |
|---|---|---|---|---|---|---|
| Ìrẹsì | gíráàmù | 3000 | 100% | 2250 | 1500 | 4500 |
| Adìẹ | gíráàmù | 4500 | 90% | 45000 | 10000 | 22500 |
| Tòmátò | gíráàmù | 1500 | 90% | 6000 | 5000 | 2000 |
| Tàtàṣé | gíráàmù | 800 | 80% | 3000 | 2000 | 1500 |
| Àlùbọ́sà | gíráàmù | 900 | 90% | 4000 | 5000 | 800 |
| Ata rodo | gíráàmù | 95 | 95% | 1000 | 500 | 200 |
| Tòmátò agolo | gíráàmù | 400 | 100% | 1600 | 400 | 1600 |
| Òróró | mìlílítà | 500 | 100% | 15000 | 5000 | 1500 |
| Màgí | hóró | 10 | 100% | 2000 | 100 | 200 |
| Iyọ̀ | gíráàmù | 40 | 100% | 500 | 1000 | 20 |
| Kọ́rì | gíráàmù | 10 | 100% | 1000 | 100 | 100 |
| Táìmù | gíráàmù | 5 | 100% | 1600 | 100 | 80 |

Ẹ wo òpó B. Kò pọn dandan kí gbogbo ìlà lo gíráàmù. Lítà ni wọ́n ń ta òróró, hóró ni màgí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tó wà ni pé lórí ìlà kan náà, òpó C àti òpó F gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá kọ 500 fún òróró tó wọ ìkòkò, tí ẹ sì kọ 5 fún lítà tí ẹ rà, tábìlì á sọ fún yín pé òróró yẹn ná yín ní ₦1,500,000. Irú àṣìṣe yìí kì í sá pa mọ́. Èyí tó léwu ni òdìkejì rẹ̀: kílò 3 ní òpó C àti 1500 gíráàmù ní òpó F, tí owó ìrẹsì á fi di ₦4.50, tí ojú á sì fò ó nítorí pé ó kéré.

Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ tẹ̀ sínú òpó C dé F. Ẹ má tẹ “3000g”, ẹ má tẹ “2250 náírà”. Bí lẹ́tà bá ti wọ inú àpótí, fóònù á kà á sí ọ̀rọ̀, fọ́múlà tó bá sì fọwọ́ kàn án á gbé `#VALUE!` jáde. Òpó B ni orúkọ òṣùwọ̀n ń gbé.

Òpó D, níbi tí owó ń gbà jò

Mo gbà pé ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín tó sọnù wà. Tòmátò tí ẹ rà kọ́ ló wọ ìkòkò tán. Àwọn kan ti jẹrà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, orí kan wà tí ẹ gé dànù. Tàtàṣé ní igi àti hóró, àlùbọ́sà ní èèpo. Adìẹ inú páálí ní yìnyín tó yọ́ lọ, ó ní ọ̀rá àti ìdí tí ẹ gé kúrò. Ẹ ti sanwó fún gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó wọ ìkòkò nìkan ni ẹ wọ̀n.

Bí a ṣe ń mọ ìṣẹ́kù kò le. Ẹ wọn tàtàṣé 1000 gíráàmù bó ṣe ti ọjà dé, ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ku 800, ìṣẹ́kù rẹ̀ ni 80%. Fún adìẹ, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú yìnyín rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tó ti yọ́ tí ẹ sì ti gé e tán. Ẹ tẹ àmì `%` mọ́ nọ́ńbà náà. Bí ẹ bá tẹ 80 lásán, fóònù á kà á sí ọgọ́rin odidi, owó èròjà náà á sì kéré ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Tí tàtàṣé ₦1,500 bá ń fi ₦15 hàn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn ìdíwọ́ méjì wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá wọn èròjà kí ẹ tó gé e tàbí bó o, èèpo ti wà nínú òpó C nìyẹn, 100% sì ni kí ẹ kọ sí òpó D. Bí ẹ bá tún kọ 90%, ẹ ti san owó èèpo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yan ọ̀nà kan, kí ẹ sì dúró tì í fún gbogbo ìlà. Ẹ̀yìn ìgé àti ìfọ̀ ni mo fara mọ́ jù, torí pé ohun tí a ń dà sínú ìkòkò gan-an nìyẹn, ó sì máa ń mú kí adùn oúnjẹ bára mu láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ìkejì, ìṣẹ́kù kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iná. Ata tí ẹ sè tí omi rẹ̀ fi gbẹ, adìẹ tó sún kì nínú òróró, àwọn wọ̀nyẹn kò wọ òpó D. Ìwúwo kí oúnjẹ tó rí iná la kọ sí C, nítorí náà ohun tó sọnù kí ó tó rí iná nìkan ni D ń kà. Ohun tí iná bá ṣe, ìwúwo oúnjẹ tó jinná ni yóò fi hàn, ibòmíràn la ti máa wọn ìyẹn.

Fọ́múlà àpótí G8 wá nìyí:

```
=IF(C8="","",C8/D8*E8/F8)
```

Apá àkọ́kọ́, `C8/D8`, ń sọ iye tí ẹ ní láti rà kí èyí tó wọ ìkòkò tó lè pé. Tàtàṣé 800 gíráàmù tí a fi 0.8 pín di 1000. Apá kejì, `E8/F8`, ni owó gíráàmù kan. Pínpín ni, kì í ṣe ìsọdipúpọ̀: ẹni tó bá fi `C8*D8` ṣe é á rí owó tó kéré sí i, nígbà tó jẹ́ pé ìfiṣòfò ń mú owó pọ̀ ni. `IF` tó wà níwájú ń jẹ́ kí ìlà tó ṣófo dákẹ́ dípò kí ó máa kọ `#DIV/0!`. Ẹ dà á kọ láti G8 dé G60 kí àyè lè wà fún èròjà tuntun.

Àwo mélòó ló wà nínú ìkòkò náà?

Àpapọ̀ òpó G jẹ́ ₦35,000. Nọ́ńbà tí ẹ bá fi pín in ló kù, ìfojúdá sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ṣe é: “ìrẹsì mùdù méjì, á tó àwo márùn-dín-lọ́gbọ̀n.” Ẹ má fojú dá a. Lẹ́yìn tí ìrẹsì bá jinná, ẹ kó adìẹ sọ́tọ̀, kí ẹ bu ìrẹsì sínú abọ́ tí ẹ ti mọ ìwúwo rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún bu òmíràn, títí tí ìkòkò á fi ṣófo. Ìkòkò ńlá tó kún fún ìrẹsì wúwo ju ohun tí síkéèlì ilé ìdáná lè gbé lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́ ọn, torí pé ẹ kò ní tà á.

Ká ní ó jẹ́ 8250 gíráàmù. Ẹ wá bu àwo kan bí ẹ ṣe ń bù ú fún oníbàárà gan-an, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn àwo bíi márùn-ún, torí ọwọ́ kì í dọ́gba, kí ẹ mú ìwọ̀n tó wà láàárín. Ká ní ó jẹ́ 350. Àwọn àpótí òkè á wá rí báyìí, láti B1 dé B5:

```
8250
350
=ROUNDDOWN(B1/B2,0)
=SUM(G8:G60)
=B4/B3
```

Ní òpó A, ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìwúwo ìrẹsì tó jinná, ìwúwo àwo kan, iye àwo, owó ìkòkò, owó àwo kan. 8250 tí a fi 350 pín jẹ́ 23.57, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ra ààbọ̀ àwo, `ROUNDDOWN` á sì sọ ọ́ di 23. Owó àwo kan jẹ́ ₦1,521.74. Bí ègé adìẹ yín bá jẹ́ 22 péré, 22 ni iye àwo yín, bí ìrẹsì tilẹ̀ ṣẹ́kù. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni ẹ ó fi pín.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ọ̀nà tí tábìlì yín ṣeé ṣe kó ti máa gbà ṣe é. Bí ẹ bá gbàgbé ìṣẹ́kù, owó ìkòkò yìí á di ₦32,160. Bí ẹ bá tún fojú dá a sí àwo 25, owó àwo kan á di ₦1,286.40. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦235.34 lórí àwo kọ̀ọ̀kan, láìsí fọ́múlà kan tó kùnà, láìsí pé àpótí kan kọ àṣìṣe sójú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí “owó tó ń kúrò lọ́wọ́”. Lọ́jọ́ tí ẹ ra òróró lítà 5, ₦15,000 ló kúrò lápò, bẹ́ẹ̀ ₦1,500 péré ló wọ ìkòkò yìí. Ẹ má fi owó ọjà ọjọ́ kan wé owó ìkòkò kan. Ẹ ka ohun tó wà nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ ro owó tí ẹ ná pọ̀ mọ́ ọn, ẹ yọ ohun tó ṣẹ́kù ní ìparí oṣù. Ìyẹn ló yẹ kó sún mọ́ àpapọ̀ owó gbogbo ìkòkò tí ẹ sè.

Owó èròjà kọ̀ọ̀kan nínú àwo, àti àmì dọ́là

Òpó H ni yóò fi hàn yín ohun tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń kó nínú àwo kan. Ẹ kọ èyí sí H8, kí ẹ sì dà á kọ sísàlẹ̀ dé H60:

```
=IF(G8="","",G8/$B$3)
```

Àwọn `$` yẹn ló ń de B3 mọ́lẹ̀. Láìsí wọn, bí ẹ ṣe ń da fọ́múlà kọ sísàlẹ̀, B3 á máa sún: ìlà kejì á fi B4 pín, ẹ̀kẹta á fi B5 pín. Àmì rẹ̀ ṣe kedere bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ìlà àkọ́kọ́ á pé, méjì tó tẹ̀ lé e á gbé nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ jáde, ìlà tàtàṣé á kọ `#DIV/0!` torí pé B6 ṣófo, gbogbo èròjà láti àlùbọ́sà lọ sísàlẹ̀ á wá kọ `#VALUE!` torí pé orí òpó àti orúkọ òṣùwọ̀n inú òpó B ni wọ́n fẹ́ fi pín. Bí ẹ bá rí irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, ẹ lọ wo `$`.

Mo máa ń fẹ́ kí àpótí ìyẹ̀wò méjì wà lókè, ní E1 àti E2:

```
=COUNTA(A8:A60)-COUNT(G8:G60)
=ROUND(SUM(H8:H60)-B5,2)
```

Òfo, `0`, ni kí méjèèjì máa fi hàn. Àkọ́kọ́ ń ka iye èròjà tó ní orúkọ, ó sì ń yọ iye àpótí owó tó jẹ́ nọ́ńbà lóòótọ́. Bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ tẹ “1500 náírà” bo fọ́múlà inú G mọ́lẹ̀, `SUM` á fò ó láìsọ̀rọ̀, àpapọ̀ á sì kéré. Àpótí yìí á kọ `1`, ẹ ó sì mọ̀. Ẹ tún lè fi ojú wá a: nọ́ńbà gidi máa ń tì sápá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ máa ń tì sápá òsì. Àpótí kejì ń rí i pé àwọn ègé owó inú òpó H parapọ̀ di owó àwo kan.

Nígbà tí òjò bá dé

Tòmátò tí wọ́n ń fi omi ìsédò gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíi ti Kadawa ní ìpínlẹ̀ Kánò, ló ń mú kí apẹ̀rẹ̀ pọ̀ lọ́jà Àbújá. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń wọ́n, èyí tó bá sì dé tètè máa ń jẹrà. Ó tún lè wáyé lójijì: ní 2016, kòkòrò run oko tòmátò débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì lórí rẹ̀.

Ká ní apẹ̀rẹ̀ ₦6,000 yẹn di ₦15,000. Ẹ yí E10 nìkan padà. Ìlà tòmátò á gòkè láti ₦2,000 sí ₦5,000, àwo kan á fi nǹkan bíi ₦130 gòkè. Ṣùgbọ́n tòmátò òjò kì í ní ìṣẹ́kù 90%. Ẹ wọ̀n ọ́n; bó bá jẹ́ 75%, ìlà náà di ₦6,000, àwo kan á sì fi nǹkan bíi ₦174 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá yí owó nìkan tí kò fọwọ́ kan D ti pàdánù ₦43 lórí àwo kan.

Nísinsìnyí, ẹ dá tòmátò padà síbi tó wà, kí ẹ yí páálí adìẹ láti ₦45,000 sí ₦50,000. Àwo kan á fi nǹkan bíi ₦109 gòkè. Tòmátò ni gbogbo ọjà ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ìgòkè kékeré lórí adìẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tòmátò tí owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Òpó H ló ń jẹ́ kí ẹ rí èyí: adìẹ nìkan kó ju ₦978 nínú ₦1,521 yẹn. Ibẹ̀ ni kí ojú yín máa wà jù, lórí owó rẹ̀ àti lórí yìnyín inú páálí.

Nígbà tí owó bá yí padà, ẹ má kọ tuntun lé ti àná lórí. Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ewé náà, kí ẹ fi oṣù sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹ tó yí owó inú rẹ̀.

Bí oúnjẹ bá ju ẹyọ kan lọ

Tí ẹ bá ti fẹ́ fi ẹ̀wà tàbí ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ ata kún un, owó àlùbọ́sà á wà lójú ewé mẹ́ta. Ẹ dá ojú ewé kan sílẹ̀ tí ẹ ó pè ní `Owo`, orúkọ èròjà ní A, owó ní B, iye tí a rà ní C. Kí E8 ojú ewé ìrẹsì wá máa kà á láti ibẹ̀:

```
=VLOOKUP(A8,Owo!$A$2:$C$100,2,FALSE)
```

F8 á lo fọ́múlà kan náà pẹ̀lú `3` dípò `2`. Ẹ má yọ `FALSE` kúrò. Láìsí i, á máa gbà pé a ti to àwọn orúkọ ní ìbámu pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó lè mú owó èròjà mìíràn wá láìkìlọ̀.

Àmì ohùn Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀ níbí. “Àlùbọ́sà” àti “Alubosa” kì í ṣe ohun kan náà lójú fóònù. Kódà “ọ́” tí pátákó ìtẹ̀wé kan kọ lè yàtọ̀ nínú sí èyí tí òmíràn kọ, bí ojú wa tilẹ̀ rí wọn bákan náà, torí ọ̀nà ju ọ̀kan lọ tí wọ́n fi ń to àmì mọ́ lẹ́tà. Àyè òfìfo kan lẹ́yìn orúkọ tún tó láti bà á jẹ́. `#N/A` ni yóò kọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ má ṣe tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ lo àtòkọ yíyàn, `Data validation`, lórí òpó A, kí ó máa mú orúkọ láti `Owo`, kí ẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù láti ṣètò rẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, fóònù á lò ó.

Ike àti gáàsì

Ike tí ẹ ń bu oúnjẹ sí kì í ṣe èròjà, àmọ́ ó ń bá àwo kọ̀ọ̀kan lọ, ẹ fún un ní ìlà. Ohun tó yàtọ̀ lórí rẹ̀ ni pé òpó C rẹ̀ jẹ́ `=$B$3`, kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, kí iye ike lè máa tẹ̀ lé iye àwo. Bí ike 50 bá jẹ́ ₦5,000, 23 jẹ́ ₦2,300.

Gáàsì ṣeé wọ̀n bí ìrẹsì. Ẹ gbé sìlíńdà sórí síkéèlì tó lè gbé e kí ẹ tó tan iná, kí ẹ tún gbé e lẹ́yìn tí ẹ pa á. Síkéèlì oníkọ́ tí àwọn alápatà ń lò dára fún un; ẹ yọ okùn gáàsì kúrò kí ẹ tó gbé e kọ́, nígbà méjèèjì, kí ìwúwo okùn má bàa wọ ìṣirò. Ká ní ó fi 900 gíráàmù fúyẹ́, tí kílò kan sì jẹ́ ₦1,200: òpó C jẹ́ 900, E jẹ́ 1200, F jẹ́ 1000, owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,080. Pẹ̀lú ike àti gáàsì, ìkòkò náà di ₦38,380, àwo kan di ₦1,668.70. Owó mọ́tò láti Kubwa sí Wuse kò tíì sí nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í yí padà bóyá ìkòkò kan tàbí mẹ́ta lẹ gbé lọ, nítorí náà ẹ má fi sórí ìlà èròjà. Iye àwo gbogbo tí ẹ tà lọ́jọ́ náà ni kí ẹ fi pín in, lójú ewé mìíràn.